Ọjọ́ Kẹta Kì í Ṣe Ọjọ́ Karùn-ún

Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan wà nínú àpótí mi nílé yìí ní Òkè-Ìlá. Aáyán ti jẹ etí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya. Lọ́dọọdún tí a bá ń palẹ̀ ilé mọ́ fún ọdún Kérésì ni àwọn ọmọ mi máa ń fẹ́ jù ú nù, tí n ó sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ kò ní rí ju déètì, aago, nọ́ńbà àti àwọn ọ̀rọ̀ bíi “erìgì”, “ìtọ̀”, “ojú ọgbẹ́” lọ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ àbúrò mi ló wà níbẹ̀, lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n tí mo fi kọ ìwé náà.

Ọdún 1984 ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Adó ṣì wà nígbà náà, ó ku ọdún méjìlá kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi láyé ìgbà yẹn, ó sì ń ṣẹlẹ̀ títí di òní. Wọ́n gbé awakọ̀ kan wá tí ojúgun rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n di í ní pí-ó-pí, ó sì dùbúlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ní itan òun wúwo bí ẹni gbé iyanrìn sínú rẹ̀. Nígbà tí a gé pí-ó-pí náà kúrò, ẹsẹ̀ ti wú dé itan, ó gbóná, awọ rẹ̀ sì ń dán. Kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi wo inú iṣan lọ́dọ̀ wa, teepu aránṣọ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo ka ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ orúnkún ẹsẹ̀ méjèèjì, mo wá yí teepu náà po ibẹ̀. Èyí tó ń dùn ún fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ju èkejì lọ. Dókítà wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ńlá inú itan, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn. Kì í ṣe ẹsẹ̀ náà gan-an lẹ̀rù ń bà wá fún. Bí ègé kan bá já lára ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbá lọ, ó sì lè pa ènìyàn kí a tó pe dókítà dé.

Hepárìn ni a kọ́kọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ẹ̀rọ tó ń ka oògùn sínú iṣan lónìí, ẹ kò mọ ohun tí ojú wa rí. A fi yúníìtì 5,000 sí i lójú iṣan lẹ́ẹ̀kan náà, a wá po 20,000 mọ́ omi dírípù ìdajì lítà. Yúníìtì 1,000 ni yóò máa wọlé ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú okùn dírípù tí a ń lò nígbà náà, ẹ̀kán mẹ́jọ ni yóò máa bọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kán mẹ́jọ péré! Èmi ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbé iná kẹrosíìnì sórí àga, mo yọ aago ọwọ́ mi, mo ń kà á: kán, ó dúró, kán, ó dúró. Bí aláìsàn bá ká ọwọ́ rẹ̀, ó lè dáwọ́ dúró pátápátá. Bó bá nà án, ó lè yára bí òjò. Bí omi ogún wákàtí bá wọlé láàárín wákàtí méjì, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ihò abẹ́rẹ́, nínú ìtọ̀, àní nínú ọpọlọ. Nítorí náà ni ìgò oògùn kan tó ń jẹ́ pírótámínì fi wà nínú dúrọ́ọ̀ wa, èyí tó ń pa agbára hepárìn. Mílígíráàmù kan rẹ̀ ló ń dojú kọ ọgọ́rùn-ún yúníìtì. Ọlọ́run kò jẹ́ ká lò ó fún ọkùnrin yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wáfárìn fún un, èyí tí wọ́n ń gbé mì. Àṣà ìgbà náà ni kí wọ́n kó o lé e lórí: mílígíráàmù mẹ́wàá lálẹ́ àkọ́kọ́, mẹ́wàá lálẹ́ kejì, kí wọ́n tó wá sọ̀ ọ́ di márùn-ún. Èrò wa ni pé bí a bá kó o fún un púpọ̀, yóò tètè ṣiṣẹ́.

Ó sì dà bí ẹni pé ó tètè ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, láàbù dá èsì padà. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ń dì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá nínú ìgò wọn, tiẹ̀ lo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Ayọ̀ kún wọ́ọ̀dù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ta kòkó tí wọn kò tíì sá gbẹ láti fi ra hepárìn, torí kò sí nílé oògùn wa, ìta ni wọ́n ti ń rà á. Wáfárìn ní tirẹ̀ kò wọ́n. Wọ́n bẹ dókítà pé kó ṣàánú àwọn. Dókítà wo èsì, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti rọ̀ tó, ó ní kí n yọ dírípù. Èmi ni mo yọ ọ́. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn pé n ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹfà, ní bí aago mẹ́rin ìdájí, ó pè mí. “Sísítà, ẹ̀gbẹ́ mi ń gún mi.” Kò lè mí kanlẹ̀. Ó wúkọ́, ó sì tutọ́ sí aṣọ ìnujú, itọ́ náà pọ́n díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti ń fà tẹ́lẹ̀ ti tún wú. Èsì láàbù òwúrọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà níbi tó dára, a ò rí ohun tí a lè pè ní àṣìṣe nínú ìwé. A dá hepárìn padà, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò padà sí bó ṣe wà mọ́ láé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà mo ń rí i ní Ọjà Ọba, ó máa ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè, ojú egbò wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í jinná tán, awọ ibẹ̀ dúdú ó sì le bí awọ bàtà. Á kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Kò mọ̀ pé ọwọ́ tí òun ń bọ̀ ló yọ dírípù náà.

Dókítà àgbà kan tó wá bẹ̀ wá wò láti ìlú mìíràn ló là á yé wa. Ọmọ Èkìtì ni, kò sì lo èdè ìwé fún àwa nọ́ọ̀sì. Ó bi wá pé, “Tí bàbá àgbẹ̀ bá dáwọ́ iṣu gbígbìn dúró lónìí, ṣé iyán á tán nílé rẹ̀ lónìí?” A rẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ Èkìtì tí a ti ń pe iyán ní uyán, ta ni kò mọ̀ pé iṣu ṣì wà nínú àká? Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáfárìn rí. Kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nínú ara. Ẹ̀dọ̀ ló bá lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fi fítámínì K ṣe àwọn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró. Èyí tó ti wà nínú àká ńkọ́? Ó di ìgbà tí ara bá jẹ ẹ́ tán.

Iṣu inú àká náà kò sì tóbi bákan náà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní fákítọ̀ keje, kékeré ni, láàárín wákàtí mẹ́fà ìdajì rẹ̀ ti lọ. Òun sì ni ìdánwò láàbù máa ń tètè rí. Ìdí nìyẹn tí èsì fi ń gòkè ní ọjọ́ kẹta, pàápàá bí a bá fi mẹ́wàá mẹ́wàá lé wáfárìn. Ṣùgbọ́n ìyá gbogbo wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní prọtọ́ḿbìn, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ dídì ró, nǹkan bí ọjọ́ méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ló ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ní ọjọ́ kẹta, àká ṣì kún fún un. Ìwé ti sọ pé ó ti tán, àká sì wà níbẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀dọ̀ kan náà yìí tún ń fi fítámínì K ṣe ohun mìíràn, pirotéènì C, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́kun. Bí bíréèkì ọkọ̀ ló rí. Òun náà kì í pẹ́ tán, bíi wákàtí mẹ́jọ ni ìdajì rẹ̀ ń lò. Nítorí náà, ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá dá wáfárìn nìkan lò, bíréèkì ti kọ́kọ́ bọ́, ẹ́ńjìnnì sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́ dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Hepárìn ni ó ní láti dúró tì í lásìkò náà, torí òun kì í dúró de àká. Ó ń bá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ jà lójú ẹsẹ̀, bí ẹni fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà àká títí iṣu inú rẹ̀ yóò fi tán. Dókítà àgbà náà ní ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán ni kí àwọn méjèèjì jọ rìn, bó ti wù kí èsì dára tó ní ọjọ́ kẹta. Bí ọjọ́ márùn-ún bá sì pé tí èsì kò tíì dára, ẹ máa bá a lọ.

Nígbà tó di ọdún 1992, àwọn dókítà ilẹ̀ Họ́láńdì gbé èsì ìwádìí kan jáde tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ọgọ́fà aláìsàn ni wọ́n pín sí méjì, gbogbo wọn ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀. Ìdajì gba hepárìn pẹ̀lú oògùn kan tó jẹ́ àbúrò wáfárìn, ìdajì gba oògùn gbígbémì náà nìkan. Nínú ọgọ́ta tí kò gba hepárìn, ẹ̀jẹ̀ tún dì tàbí ó tún gùn sí i lára méjìlá. Nínú ọgọ́ta kejì, mẹ́rin ni. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà wa ló kà á fún wa ní wọ́ọ̀dù. Mo jókòó, mo sì rántí aṣọ ìnujú awakọ̀ náà.

Ó wá di ọdún 2009. Mo ti fẹ́yìn tì. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, bímọ nípa iṣẹ́ abẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tó bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó ní ìwúsókè oyún ni kò tíì lọ. Mo wọlé láti wá kí ọmọ. Mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fà, òsì nìkan ló wú, ó sì wú dé itan. Ìwúsókè oyún kì í yan ẹsẹ̀ kan báyìí. Mo gba aṣọ gbígbóná náà kúrò lọ́wọ́ màámà, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú, mo ní ẹ jẹ́ ká lọ. Sikáànù fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì láti itan dé inú ìbàdí.

Ayé ti yí padà díẹ̀ nígbà náà. Hepárìn tó wà kì í ṣe ti dírípù mọ́. Enọ́síparìn ni wọ́n kọ fún un, èyí tó ń wá nínú síríǹjì tirẹ̀, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń kà á: mílígíráàmù kan fún kílò kan, ní wákàtí méjìlá méjìlá. Wọ́n kọ́kọ́ wo kíndìnrín rẹ̀ ná, torí ibẹ̀ ni oògùn náà ń gbà jáde. Àádọ́rin kílò ni ọmọ náà wọ̀n. Síríǹjì tí ọkọ rẹ̀ rí rà jẹ́ ọgọ́rin mílígíráàmù, ó túmọ̀ sí pé mo gbọ́dọ̀ ta mẹ́wàá dànù kí n tó gún un. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì dókítà gbà kí a máa ṣe é nílé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo wà níbẹ̀, tí láàbù kò sì jìnnà. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ń fi ìka méjì ṣa awọ ikùn jọ, n ó jìnnà sí ojú iṣẹ́ abẹ, n ó gún abẹ́rẹ́ wọlé tààrà, n ó sì rọra tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá yọ ọ́, n kì í fi ọwọ́ pa á. Ẹni tó bá fi ọwọ́ pa á ni yóò rí i tí ojú ibẹ̀ yóò dúdú bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Òsì lónìí, ọ̀tún lọ́la.

Wáfárìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mílígíráàmù márùn-ún ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò sí mẹ́wàá mẹ́wàá mọ́. Ìyá ọkọ bèèrè bóyá ọmọ lè mu ọyàn. Ó lè mu ún. Wáfárìn kì í wọ inú omi ọyàn débi tí yóò ṣe ọmọ níbi.

Èsì láàbù náà ti yàtọ̀. Láyé àwa, oògùn tí láàbù fi ń dán ẹ̀jẹ̀ wò kò rí bákan náà láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Ìlọ́po méjì ní Adó lè má jẹ́ ìlọ́po méjì ní Ìbàdàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ṣe ètò lọ́dún 1983 pé kí láàbù kọ̀ọ̀kan fi agbára oògùn tirẹ̀ ṣírò èsì, kí nọ́ńbà tó bá jáde lè bá ti gbogbo ayé mu. Nọ́ńbà náà ni wọ́n ń kọ sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí INR. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ju 1 lọ tàbí díẹ̀ lé. Fún ẹsẹ̀ bíi ti ọmọ wa, láti 2 dé 3 ni a ń wá. Mo kìlọ̀ fún ọmọ láàbù tó wá gba ẹ̀jẹ̀ pé kó rí i pé ìgò olómorí búlúù náà kún dé ojú ìlà rẹ̀. Omi kan ti wà nínú ìgò náà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìdá kan omi sí mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín, omi á pọ̀ jù, nọ́ńbà á sì gòkè lórí irọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ìyá àgbà tó ń yọ òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó kún.

Ẹ wò ó nínú ìwé mi. Ṣáájú oògùn, 1.1. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, 1.5. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, 2.2.

Nígbà tí 2.2 yẹn jáde, ọkọ rẹ̀ tọ̀ mí wá ní ẹ̀yìnkùlé. Olùkọ́ ni, owó oṣù rẹ̀ sì ti wọ inú síríǹjì tán. “Màámi, wọ́n ní láti 2 ló ti dára. Ó ti dé 2. Ṣé a kò lè jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yìí sinmi?” Kò burú kó bèèrè. Ìbéèrè àwọn ẹ̀gbọ́n awakọ̀ náà ni, pẹ̀lú kòkó tútù wọn. Mo ní, “Ọkọ mi, ọjọ́ kẹta kì í ṣe ọjọ́ karùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀rí kan ṣoṣo sì kò tó.” Mo ṣàlàyé fún un pé ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pé pọ̀: kí oògùn méjèèjì ti jọ wà fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, kí INR sì ti wà ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìyẹn ni pé ká rí i lẹ́ẹ̀mejì, òní àti ọ̀la. Mo yọ owó lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún síríǹjì mẹ́ta. Ọjọ́ karùn-ún, 2.4. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, aago mẹ́sàn-án lù, èsì kò tíì dé. Mo gún un. Abẹ́rẹ́ kọkànlá nìyẹn. Èsì dé lọ́sàn-án: 2.5. Dókítà ní kí a dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Ọkọ ní ká ti dúró de èsì ká tó lo ti òwúrọ̀, mo kàn rẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí ẹ máa bi mí pé bí oògùn méjì tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì bá jọ wà nínú ara ọmọ ọlọ́mọ tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ṣì tútù, kí ni kò ní jẹ́ kó ṣàn dànù? Ohun tó gba apá tó pọ̀ jù nínú ìwé mi nìyẹn. Ní gbogbo òwúrọ̀ kí n tó gún abẹ́rẹ́, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, torí orí fífọ́ tó le tó sì dé lójijì lára ẹni tó ń lo oògùn yìí kì í ṣe ti ibà títí a ó fi mọ̀. N ó ní kó ya ẹnu, n ó wo erìgì. N ó wo apá àti itan bóyá ojú ibìkan ti dúdú láìjẹ́ pé nǹkan gbá a. N ó tẹ ojú iṣẹ́ abẹ bóyá ó le tàbí ó wú. N ó ka iye aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ rẹ̀ kún láti àná. Ó ń tọ̀ sínú ike funfun, n ó gbé e lọ sójú fèrèsé: ṣé ó mọ́, àbí ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran?

Ìgbẹ́ ló fẹ́ dà mí láàmú. Ní ọjọ́ karùn-ún ó dúdú. Àyà mi já, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn nínú ikùn lókè, dúdú ló ń jáde. Mo wá rántí pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, àwọn ayọ̀nù tí wọ́n ń fún abiyamọ, òun náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ nìyí o: ti ayọ̀nù máa ń dì gan-an, ó sì fẹ́ẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Ti ẹ̀jẹ̀ a máa dán, a máa lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀dà, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fara dà. Ti ọmọ náà kò lẹ̀, kò sì rùn jù. Síbẹ̀ n kò gbára lé imú mi nìkan, a yẹ PCV rẹ̀ wò. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló jẹ́ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà la bá. Bó bá ti já sílẹ̀, à bá ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ síbìkan tí ojú wa kò tó. Wọ́n ka pilétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú, torí lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, hepárìn máa ń mú un já lulẹ̀ lára àwọn kan, ìyẹn sì ń mú ẹ̀jẹ̀ dì dípò kó mú un ṣàn. Kò já.

Mo sì lẹ ìwé mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: ẸNÌKAN KÒ GBỌDỌ̀ GÚN UN NÍDÌÍ. Mo ti rí ìdí ẹni tó ń lo hepárìn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ìrora. Ẹ̀jẹ̀ sun sínú ẹran ìdí náà títí tó fi wú bí àgbọn, a kò sì rí ẹ̀kán kan níta.

Ewu tó wá bá wa lẹ́yìn náà, ẹnu ọ̀nà tí n kò ṣọ́ ló gbà wọlé. Hepárìn ti lọ, INR ti dúró sí 2.5, mo ti dẹwọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó ń fi pákò rin ẹnu, ó tutọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó fọ ẹnu, ó tún tutọ́, ó tún wà níbẹ̀. Ó ní pákò ló gún òun. Mo bi í pé kí ló lò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó ní kò sí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dáhùn láti inú yàrá pé inú ló ń run ún, àwọn sì ra Fíláájì fún un lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń lò ó! Nínú gbogbo oògùn tó wọ́pọ̀ nílé wa, díẹ̀ ló ń ru wáfárìn sókè bíi Fíláájì, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí wáfárìn náà tú dànù, ó sì ń kó jọ. INR: 4.8. Dókítà ní kó fi Fíláájì sílẹ̀, kó má lo wáfárìn lálẹ́ ọjọ́ náà àti lálẹ́ ọjọ́ kejì, kó fi òwú rírọ̀ fọ ẹnu dípò pákò. Ó ní bí nọ́ńbà bá ti ju 10 lọ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn gidi, fítámínì K ni yóò kàn. Kò kàn án. Ní ọjọ́ kẹta ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 2.7, a sì padà sí márùn-ún lálaalẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá ọkọ gbọ́ níbìkan pé oògùn eku ni wáfárìn, ó sì fẹ́ dá gbogbo ètò náà rú. N kò lè sọ pé irọ́ ni. Màlúù ló kọ́kọ́ fi hàn wá, ní Àríwá Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń jẹ koríko tó ti bu, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ṣàn láìdúró. Àgbẹ̀ kan gbé òkú màlúù rẹ̀ la yìnyín kọjá lọ́dún 1933 dé yunifásítì Wisconsin, níbẹ̀ ni Karl Link àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wá ohun tó wà nínú koríko náà rí. Wọ́n ṣe wáfárìn látinú ìmọ̀ yẹn, wọ́n fi pa eku láti 1948, ó sì di oògùn ènìyàn ní 1954. Mo sọ fún màámà pé iyọ̀ náà, bó bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, yóò pa ènìyàn. Wọ́n ní èyí yé àwọn. Wọ́n wá ń gbìyànjú láti fòfin de ẹ̀fọ́ nínú ilé, torí ẹlòmíràn tún ti sọ fún wọn pé ẹ̀fọ́ ń ba wáfárìn jẹ́. Òótọ́ ni pé fítámínì K pọ̀ nínú ewé tútù, tẹ̀tẹ̀ ni o, ṣọkọ ni o, úgú ni o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kó má jẹ ẹ́. Kó máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà ni, nítorí ìwọ̀n wáfárìn tí ó ń lò, a ti wọ̀n ọ́n mọ́ ẹ̀fọ́ tí ó ń jẹ. Ẹni tó bá jẹ ìkòkò ẹ̀fọ́ kan lọ́sẹ̀ yìí tí kò wá jẹ rárá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ yóò máa jó bí ológìnní tó tẹ iná.

Nísinsìnyí àwọn oògùn kan ti wà, bíi rifarósábánì àti apísábánì, tí ènìyàn lè gbé mì láti ọjọ́ àkọ́kọ́ láìsí abẹ́rẹ́ àti láìsí INR. Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré tó wá kí mi ní ọdún tó kọjá kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi hepárìn àti wáfárìn jọ wò. Síbẹ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù onírin sí lọ́kàn, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, àti ẹni tí owó rẹ̀ kò ká àwọn tuntun wọ̀nyí, wáfárìn náà ni, ọjọ́ márùn-ún náà sì ni.

Oṣù mẹ́ta ni ọmọ wa lò ó. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà kì í ṣe ọwọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé: “INR 2.3. Erìgì kò ṣẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba, mo fi teepu màámi wọ̀n ọ́n.”